Ọmọ Kòkó Tí Kò Tíì Mọ Oòrùn

Ọdún tí owó kòkó fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kò di àgbẹ̀ nílùú Oǹdó. Tíṣà di àgbẹ̀. Nọ́ọ̀sì di àgbẹ̀. Ẹni tí kò ní ju ẹ̀yìnkùlé tó ń sá aṣọ sí lọ náà ń béèrè pé èló ni wọ́n ń ta ọmọ kòkó kan tí ènìyàn lè lọ gbìn. Fọlákẹ́mi, Ìyá Ayọ̀mídé, tó ń ta oògùn oko, ọkọ́ àti àdá ní Yábà (Yábà ti Oǹdó ni mo wí o, kì í ṣe ti Èkó) fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ó sì gba iṣẹ́ wọn.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan tí Bàbá Ògúnníyì jẹ́ alága wọn ló ní kó bá àwọn wá ọmọ kòkó tí yóò kún ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta. Kì í ṣe pé wọ́n mọ ẹni tó ń tọ́jú ọmọ kòkó. Fọlákẹ́mi ni wọ́n mọ̀. Òun ló ń ta oògùn fún wọn láti ọjọ́ pípẹ́ wá tí kò bomi là á, òun náà ló sì máa ń sọ fún ènìyàn pé oògùn tó wá rà kọ́ ló yẹ kó rà. Nítorí náà wọ́n san gbogbo owó náà sílẹ̀ fún un, wọn ò bi í pé ibo ni yóò ti rí ọjà.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Silas Kìtán ló ti fẹ́ rí i. Kìtán jẹ́ ọmọ Òkìtìpupa, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, Ijapo Estate ló ń gbé l'Ákùúrẹ́, oko ọmọ kòkó rẹ̀ sì wà ní Ìta-Ògbólú. Fọlákẹ́mi san ìdajì owó fún un, ó fi ìdajì tó kù sí báńkì, ó ní òun kò ní fọwọ́ kàn án títí ọjà á fi dé. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ni wọ́n fi àdéhùn sí, nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ tí ilẹ̀ sì ti rọ̀.

Oṣù kẹfà dé, òjò dé, ilẹ̀ rọ̀. Ọmọ kòkó kò dé. Ohun tó dé ni ọ̀rọ̀ kan lórí wọ́sáàpù láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Kìtán:

“Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n, nítorí ìṣòro ojú ọjọ́ tó kọjá agbára wa, ọjà yín yóò pẹ́ díẹ̀. A tọrọ àforíjì fún ìnira yòówù tí èyí lè fà. Ẹ ṣeun fún sùúrù yín.”

Ẹnìkan ń ná póńpù ìfínko lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọlé. Fọlákẹ́mi kà á wàràwàrà, ó ní ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ bó ṣe rí, kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kò yọ ọ̀kan kúrò. Ó padà sídìí póńpù rẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì tóbi.

Kò pẹ́ tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bísọ́dún, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ló kọ́kọ́ kọ̀wé. Ó ní, “Ìyá Ayọ̀mídé, ojú ọjọ́ wo?” Ẹlòmíràn ní, “Díẹ̀ yẹn tó ìgbà wo?” Ẹnìkan tó jẹ́ pé kì í sọ̀rọ̀ rárá nínú ẹgbẹ́ náà ní, “Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ó hàn lókè rẹ̀ pé ibòmíràn lẹ ti gbé e wá. Ta ni ‘wa’ tó ń tọrọ àforíjì yìí?”

Bàbá Ògúnníyì kì í tẹ̀wé. Ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́, ohùn rẹ̀ sì máa ń lọ́ra, ó máa ń fa ọ̀rọ̀ bí ará Oǹdó tòótọ́. “Fọlákẹ́, òjò rọ̀ lánàá. Òjò rọ̀ níjẹta. Òjò tí a ń retí náà ló ń rọ̀ yìí. Kí ni ojú ọjọ́ wá ṣe fún ọ?” Kò fi àdúrà parí rẹ̀ bó ti máa ń ṣe.

Fọlákẹ́mi gbé fóònù, ó tún ọ̀rọ̀ Kìtán kà, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ojú àwọn tó fi ránṣẹ́ sí. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu òun náà. Òótọ́ ni, ojú ọjọ́ wo? Ìta-Ògbólú kò sí lókè òkun. Òjò tó ń rọ̀ l'Óǹdó ló ń rọ̀ lọ́hùn-ún. Ó sì ti gbọ́ pé àwọn kan ń wá láti ọ̀nà jíjìn, pé wọ́n ń gbé owó tútù lọ́wọ́ wọ oko àwọn tó ń tọ́jú ọmọ kòkó, pé wọ́n ń fi lé owó tí ẹni àkọ́kọ́ san. Ó pe Kìtán.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, màdáámù,” ni Kìtán wí. “Ohun gbogbo wà ní ìkáwọ́.”

Ọkùnrin yìí kò pè é ní màdáámù rí. Ìyá Ayọ̀mídé ló máa ń pè é, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń bá ara wọn ṣòwò. Fọlákẹ́mi gbé fóònù sílẹ̀, ó wá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Kò sọ fún Kìtán pé òun ń bọ̀. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó wọkọ̀, ó gba Ọ̀wẹnà kọjá, ó bọ́ sílẹ̀ l'Árákálẹ̀ nílùú Àkùúrẹ́, ó wá ọkọ̀ Ìta-Ògbólú. Nínú ọkọ̀, ohun tó ń ṣe ni kó máa to ọ̀rọ̀ tó máa sọ nígbà tó bá rí i pé wọ́n ti ta ọjà rẹ̀. Ó ti tò ó débi tó máa pe ọlọ́pàá kó tó dé.

Àfi bó ṣe wọ oko tó rí i pé ọmọ kòkó wà níbẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀ ṣámúṣámú, ebè lórí ebè, nínú àpò náílọ́ọ̀nù dúdú wọn, lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò. Wọ́n ga ju tọdún tó kọjá lọ. Ewé wọn fẹ̀, ó sì ń dán. Inú Fọlákẹ́mi dùn fún ìwọ̀nba tí ènìyàn lè fi mí èémí kan. Lẹ́yìn náà ni inú bí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ti tà wọ́n, a jẹ́ pé olè ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe wà níbí tí wọ́n dára tó báyìí, tí wọn ò sì fi ránṣẹ́, kí là ń pe ìyẹn? Ẹnìkan ń dúró de owó tó ju èyí lọ ni.

Oríọlá, ọkùnrin tó ń tọ́jú oko náà fún Kìtán, ló bá níbẹ̀, ó ń bomi rin ebè kan. Fọlákẹ́mi kí i, ó bi í pé kí ló dé tí ọjà òun kò kúrò.

“Kò tíì tó í kó lọ ni,” ni Oríọlá wí.

“Kí ló kù tó fẹ́ ṣe? Ṣé ó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ni?”

Oríọlá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wo ojú ọ̀nà, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá dé, Ìyá.” Ẹni tó bá ń wo ojú ọ̀nà kó tó dáhùn ìbéèrè, ó ní ohun tó mọ̀. Èyí tún mú kí Fọlákẹ́mi fura sí i.

Kìtán dé nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń nu òógùn. Ó ṣàlàyé pé ọmọ kòkó wọ̀nyí ò tíì mọ oòrùn. Abẹ́ ibòji ni wọ́n dàgbà sí, ó ní bí ènìyàn bá gbé wọn sínú oko báyìí, wọn ò ní pẹ́ kú. Wọ́n ní láti máa ká imọ̀ ọ̀pẹ kúrò lórí wọn díẹ̀díẹ̀, kí oòrùn máa tà sí wọn lára, kí igi wọn le, kí ewé wọn nípọn. Ó ní iṣẹ́ oṣù kan gbáko ni.

“Ṣé ẹ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?” ni Fọlákẹ́mi bi í. “Ṣé ọdún yìí lẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni?”

“Ojú ọjọ́...”

“Ẹ má pe ojú ọjọ́ fún mi mọ́.”

Kìtán tún nu òógùn ojú rẹ̀. Ó wo ebè, ó wo Fọlákẹ́mi, ojú rẹ̀ sì yí padà. “Tó bá jẹ́ ariwo àwọn ènìyàn yín ló ń dà yín láàmú,” ló wí jẹ́jẹ́, “ẹ kó wọn lọ. Wọ́n tutù yọ̀yọ̀, ẹ̀yin náà rí i. Inú wọn á dùn. Èyí tó bá kú lẹ́yìn náà, ta ló máa sọ pé ọwọ́ wa ló ti kú? Oòrùn ló pa á. Kòkó ń kú lóko gbogbo ayé.”

Ẹ wò ó o. Ọkùnrin tó ní wọn kò gbọdọ̀ kúrò ló tún ní kí ó kó wọn lọ. Fọlákẹ́mi kò mọ èyí tó yẹ kó gbàgbọ́. Bí ó bá jẹ́ irọ́ ni pé wọ́n máa kú, Kìtán ń fi ọjà pamọ́. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, Kìtán fẹ́ kí òun fi ọwọ́ ara òun gbé òkú fún àwọn ènìyàn tó gbẹ́kẹ̀ lé òun. Èwo ló dára nínú méjèèjì? Ó ní kí Oríọlá kó ìwọ̀nba tó máa kún apẹ̀rẹ̀ kan fún òun, ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà lé itan nínú ọkọ̀ títí dé Oǹdó, ìdààmú ọkàn kò jẹ́ kó sùn lójú ọ̀nà bó ti máa ń ṣe.

Ó gbìn wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀, láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀, gẹ́lẹ́ bí àgbẹ̀ ṣe máa ń gbìn wọ́n lóko kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè máa ṣíji bò wọ́n díẹ̀. Ó bomi rin wọ́n. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ṣì dúró, ó sì ti ń ṣépè fún Kìtán lábẹ́lẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ewé wọn ti sọ̀ sílẹ̀ bí etí ewúrẹ́, etí ewé ti jó di pupa rúsúrúsú, igi wọn tó ga tó ń wu ojú sì ti tẹ̀ nítorí pé kò ní agbára kankan nínú. Àwọn méjì tó wà níbi tí ògiri ṣíji bò jù lọ nìkan ló ṣì gbé orí sókè. Fọlákẹ́mi lóṣòó síwájú wọn pẹ̀lú kẹ́tùlù lọ́wọ́, ẹ̀rù sì bà á gidi. Òótọ́ ni Kìtán sọ. Ìyẹn ni pé ká ní ó gba ìmọ̀ràn Kìtán, gbogbo oko àwọn ènìyàn yẹn ni ì bá rí báyìí.

Ní gbogbo àkókò yìí, ọ̀rọ̀ ń lọ nígboro. Wọ́n ní Ìyá Ayọ̀mídé ti ta ọmọ kòkó wọn fún àwọn ará Ìdànrè. Wọ́n ní wọ́n rí ọkọ̀ akẹ́rù. Ta ló rí i? Kò sẹ́ni tó mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rí i. Lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi, obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ náà kí i, ó sì ń wo gèlè rẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ béèrè owó ta ló fi rà á. Ó dun Fọlákẹ́mi. Ó dùn ún débi pé ó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun lè fòpin sí gbogbo èyí lọ́la òde yìí. Kó pe ọkọ̀ mẹ́ta, kó kó ọmọ kòkó tútù yọ̀yọ̀ lọ síwájú ilé Bàbá Ògúnníyì, kí gbogbo ẹnu dákẹ́. Wọ́n á gbóríyìn fún un. Tí wọ́n bá kú, oòrùn ló pa wọ́n.

Ó pe Kìtán dípò ìyẹn. Ó ní, “Mo gbìn wọ́n, wọ́n kú. Ẹ sọ òótọ́ fún mi báyìí. Kí ló ṣẹlẹ̀ tí ẹ kò tètè ká imọ̀ ọ̀pẹ kúrò lórí wọn?”

Kìtán dá a lóhùn. Lọ́tẹ̀ yìí kò pè é ní màdáámù mọ́. “Ìyá Ayọ̀mídé, mo ń kọ́lé ní Òkìtìpupa. Mo lọ wo àwọn bíríkìlà, mo pẹ́ níbẹ̀. Kí n tó lọ, mo sọ fún Oríọlá pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan títí màá fi dé. Ó rán mi létí lórí fóònù pé àkókò láti ká imọ̀ ọ̀pẹ kúrò ti tó. Mo ní mo ti sọ pé kó má fọwọ́ kàn án.” Ó húkọ́. “Ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Kí lẹ fẹ́ kí n kọ? Pé mo lọ kọ́lé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Fọlákẹ́mi wí. “Ohun tó yẹ kí ẹ kọ nìyẹn.”

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà. Fọlákẹ́mi ní ẹni tó bá fẹ́ owó rẹ̀ padà, kó gbà á. Kìtán ní owó ti wọlẹ̀. Fọlákẹ́mi ní inú ìdajì tó wà ní báńkì ni òun yóò ti yọ ọ́, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni Kìtán yóò gbà. Ó ní Kìtán ni yóò san owó ọkọ̀ dé oko ẹnì kọ̀ọ̀kan, òun náà ni yóò fi òmíràn rọ́pò èyí tó bá kú. Kìtán ní ìyẹn pọ̀ jù. Fọlákẹ́mi ní àbí kí òun kọ ohun gbogbo sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti ibi tí ilé náà wà. Kìtán gbà, kò fi bẹ́ẹ̀ fi inú dídùn gbà á, ṣùgbọ́n ó gbà.

Ó wá ku kíkọ. Fọlákẹ́mi tẹ̀ ẹ́, ó pa á rẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ibi tó bá ti kọ “ìnira yòówù”, ó pa á rẹ́. Ó mọ ìnira náà, kí ló ń pè é ní yòówù fún? Ibi tó kọ “láìpẹ́” sí, ó fi ọ̀sẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ó ń ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé Bàbá Ògúnníyì ló ń kà á, tó ń wá ibi tí yóò ti mú un. Ó fẹ́ kọ pé òun kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó rántí póńpù ìfínko, ó sì pa ìyẹn náà rẹ́. Nígbà tó yá, ó fi í ránṣẹ́:

“Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi Fọlákẹ́mi ni mò ń kọ̀wé yìí, kì í ṣe ẹlòmíràn. Ọmọ kòkó yín pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tí mo fi ránṣẹ́ sí yín níjelòó, kì í ṣe òótọ́, mo sì fi ránṣẹ́ láìwádìí. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó ni oko náà lọ sílé, kò sì jẹ́ kí wọ́n ká ibòji kúrò lórí wọn lákòókò tó yẹ. Wọ́n wà ní Ìta-Ògbólú, n kò tà wọ́n fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ga, wọ́n rẹwà, ṣùgbọ́n wọn ò lágbára. Mo gbin díẹ̀ sẹ́yìnkùlé mi, ẹ wo fọ́tò bí wọ́n ṣe rọ. Mo lè kó wọn fún yín lọ́la kí ẹ yé bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa sunkún lẹ́yìn náà.

“Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù keje ni wọ́n máa dé, kí òjò tó sinmi. Ẹni tí kò bá lè dúró, kó sọ fún mi, màá dá gbogbo owó rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà gan-an, n kò ní bi í léèrè ìdí. Ẹni tó bá dúró, a ó gbé tirẹ̀ dé oko láìgba owó ọkọ̀. Èyíkéyìí tó bá kú kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé, a ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, màá lọ síbẹ̀, màá sì ya fọ́tò wọn fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ, kó wá.”

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ kò dọ̀tí.

Wọ́n ti kà á, àmì tó máa ń fi hàn pé wọ́n ti kà á wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kálukú ń dúró kí ẹnìkejì sọ̀rọ̀ kó lè mọ ohun tó máa sọ. Bísọ́dún ló tún kọ́kọ́ kọ̀wé. Ó ní kí Ìyá Ayọ̀mídé dá owó òun padà. Kò ní “ẹ jọ̀ọ́”. Fọlákẹ́mi mọ̀ dájú pé kì í ṣe owó ló fẹ́, ó fẹ́ mọ̀ bóyá owó náà wà ni. Ó fi owó náà ránṣẹ́. Kò pẹ́, Bísọ́dún kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ pé, “Mo ti rí alẹ́ẹ̀tì.” Àwọn bíi mélòó kan tún béèrè, ó dá tiwọn náà padà. Àwọn tó kù ní àwọn á dúró. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń wo ẹnu Bàbá Ògúnníyì, Bàbá kò sì fi ohùn kankan ránṣẹ́.

Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò jókòó.

“Fún mi ní tèmi,” ló wí.

“Bàbá, ṣé owó ni?”

“Kí ni mo fẹ́ fi owó ṣe? Ọmọ kòkó ni mo rà. O ní wọ́n wà níbẹ̀. Fún mi ní tèmi báyìí.”

Fọlákẹ́mi mú un lọ sílé, ó fi àwọn tó ti rọ hàn án. Bàbá tẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ kan ewé kan, ó wó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wo Fọlákẹ́mi látòkè délẹ̀. “Ìwọ lo gbìn wọ́n,” ló wí. “N kò sí níbẹ̀. Bóyá omi gbígbóná lo fi rin wọ́n.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa Fọlákẹ́mi, inú sì ń bí i. “Bàbá, wọ́n máa kú.”

“Jẹ́ kí n rí i kí wọ́n kú lójú mi.”

Kí ló kù tí ènìyàn fẹ́ sọ? Ó pe Oríọlá pé kó fún Bàbá ní tirẹ̀. Bàbá gba ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó kó wọn, ó sì ya fọ́tò ara rẹ̀ níwájú wọn nínú ọkọ̀, ó fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ tún gbiná. Kí ló dé tí wọ́n fún Bàbá ní tirẹ̀? Ṣé torí pé alága ni? Ṣé ó ti mọ ohun tí àwọn kò mọ̀? Fọlákẹ́mi kọ̀wé pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tirẹ̀ báyìí náà lè lọ kó o, ṣùgbọ́n òun kò gbà wọ́n nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lọ. Kò sì sẹ́ni tó fọkàn tán an.

Ó ń lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kọ̀ọ̀kan. Ó ń ya fọ́tò ebè kan náà láti ibì kan náà kí wọ́n má baà ní ó lọ yá oko ẹlòmíràn. Imọ̀ ọ̀pẹ orí àtíbàbà ń dín kù, oòrùn ń wọlé tótótó. Ewé tó ń dán tẹ́lẹ̀ dẹ́kun dídán, ó nípọn, ó ṣókùnkùn. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń dára sí i, wọn ò rẹwà mọ́, ẹnìkan sì béèrè nínú ẹgbẹ́ pé ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti ń ṣàìsàn. Fọlákẹ́mi dáhùn gbogbo ìbéèrè, títí kan èyí tí ó mọ̀ pé ìwọ̀sí ni. Láti ọ̀dọ̀ Bàbá Ògúnníyì, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé tí ti Bàbá bá yè, òun ti di òpùrọ́ nílùú Oǹdó títí ayé, kò sì sí ọ̀nà tí òun yóò gbà ṣàlàyé rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù keje, ọkọ̀ mẹ́ta dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù. Kìtán fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé wọn wá, òun àti Oríọlá. Ojú ń ti Kìtán, ó sì ń kí gbogbo ènìyàn ju bó ti yẹ lọ. Àwọn àgbẹ̀ pé jọ, wọ́n ń gbé àpò náílọ́ọ̀nù sókè, wọ́n ń fi àtàńpàkò tẹ igi ọmọ kòkó wò bóyá ó le. Bísọ́dún náà wá, ó ní òun kàn ń kọjá ni. Ìgbà náà ni Bàbá Ògúnníyì dé, ó gbé apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà kalẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó dà á. Ọmọ kòkó ni, gbígbẹ, pupa, gbogbo gbòǹgbò wọn ṣì wà lára wọn. Kò sọ pé òun jẹ̀bi, kò sì sọ pé ẹnìkan jàre. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó nà án sí Fọlákẹ́mi.

“Ojú mi ò ríran dáadáa. Bá mi ka ibi tí o kọ ọ̀rọ̀ èyí tó bá kú sí.”

Fọlákẹ́mi gbà á, ó kà á sókè. “Èyíkéyìí tó bá kú kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé, a ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀.”

Kìtán sún mọ́ ọn, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. “Kì í ṣe ti ẹni tó fipá kó tirẹ̀ lọ. A kìlọ̀ fún un. Gbogbo wọn ló gbọ́.”

Òótọ́ ni. Wọ́n kìlọ̀ fún un. Bí Fọlákẹ́mi bá sọ bẹ́ẹ̀, ta ló máa dá a lẹ́bi? Inú rẹ̀ sì tún ń bí i nítorí omi gbígbóná yẹn. Ó wo àwọn ènìyàn tó yí i ká, ó rí i pé kò sí ẹni tó ń wo ọmọ kòkó mọ́, ojú rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò.

“N kò kọ bẹ́ẹ̀,” ló dá Kìtán lóhùn, kò sì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. “Èyíkéyìí ni mo kọ. Oríọlá, sọ ti Bàbá kalẹ̀ fún wọn, kí ọkọ̀ kejì gbé e dé oko wọn.”

Bàbá Ògúnníyì gba fóònù rẹ̀ padà. Kò dúpẹ́. Ó lọ sídìí ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n fúnra rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tú abẹ́ ewé wò, ó ń gbé èyí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn padà sẹ́yìn, ó fi gbogbo ènìyàn sínú oòrùn. Kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti sọ fún un pé kó yára. Nígbà tó ṣe tán, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tààrà, ó yíjú sí Bísọ́dún tó fi ọwọ́ méjèèjì sínú àpò.

“Ìwọ tí wọ́n dá owó rẹ padà,” ló wí, “kí lò ń dúró wò? Lọ san án kí wọ́n tó tán.”